Omi ti fà, ṣùgbọ́n ìgbà wo la lè tan iná padà?

“Bàbá Oníná, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsàlẹ̀ lápá odò Yemọji ni ilé wa wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òjò Ọjọ́bọ̀ gbé omi wọlé, ó kàn wá lórúnkún, ó sì tó wákàtí mẹ́rin kó tó fà. NẸ́PÀ ti mú iná lọ kí omi tó wọlé, wọn ò sì tíì gbé e dé. Àbúrò ọkọ mi ní ká yọ àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì, ká sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ méjì, ká wá fi jẹnẹrétọ̀ dán ilé wò, pé bí nǹkan kan bá ṣe, bírékà á gé e. Mo ní fírísà tí mo fi ń ta ẹja, mo ní ínfátà, mo ní pọ́ǹpù tó ń fa omi láti inú bohóòlù. Ìgbà wo la lè tan iná láìsí ewu?” (Ìyá ẹlẹ́ja kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìyá wa, ẹ kú ewu omi. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò ọkọ yín kó má tíì fọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀ náà. Mi ò bú u o. Ohun tó sọ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ iná jẹun. Ohun méjì ló gbà gbọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀: ó gbà pé bírékà ń ṣọ́ èèyàn, ó sì gbà pé ohun tó bá ti gbẹ lójú ti gbẹ nínú.

Bírékà tó wà lára bọ́ọ̀dù yín, tí wọ́n kọ 20 tàbí 32 sí, wáyà ló ń ṣọ́. Bí iná tó ń gba inú wáyà kọjá bá pọ̀ ju áńpù 20 lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gé e kí wáyà má baà gbóná títí tí á fi jó nínú ògiri. Iná tó lè pa èèyàn ò tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín áńpù kan sí ọ̀nà 1000, ẹyọ kan nínú rẹ̀ là ń pè ní mílíáńpù. Nǹkan bíi mílíáńpù 10 péré lè mú kí ọwọ́ le pa mọ́ ohun tó dì mú, kí olúwa rẹ̀ má lè jù ú sílẹ̀. Bí ó bá tó 30 tó sì gba àyà kọjá, ó lè da ìlù ọkàn rú. Bírékà áńpù 20, mílíáńpù 20,000 ló ń dúró dè. Mílíáńpù 30 lórí iná fóòtì 230 wa yìí, bí gílóòbù wáàtì 7 ló rí lójú rẹ̀. Èèyàn á ti wó lulẹ̀, bírékà á ṣì rò pé gílóòbù kékeré kan ni wọ́n tàn.

Bírékà mìíràn wà tó ń ṣọ́ èèyàn lóòótọ́. Ó máa ń fẹ̀ ju èyí tí ẹ mọ̀ lọ, wọ́n sì máa ń fi bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ T sí sí iwájú rẹ̀. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó ń ka iná tó jáde lọ àti èyí tó padà wálé. Bí 30 mílíáńpù bá ti dín nínú èyí tó yẹ kó padà, á jẹ́ pé iná ń jò gba ibòmíràn lọ, bóyá ara ògiri, bóyá ara èèyàn, á sì gé e kí ojú tó ṣẹ́. Nínú ilé mẹ́wàá tí mo bá wọ̀ lágbègbè wa yìí, bóyá ni mo fi ń rí i nínú méjì. Bí ilé yín bá wà níbi tí omi ti lè padà wá, èmi á ní kí ẹ rà á, kódà bí ẹ ò bá tíì ra ohun mìíràn.

Jẹnẹrétọ̀ wá ńkọ́? Ibí yìí ló ti ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Iná tí NẸ́PÀ ń gbé wá, wọ́n ti so wáyà rẹ̀ kan mọ́lẹ̀ nídìí tiransifọ́mà. Nítorí náà, bí wáyà tó ní iná bá kan ògiri tútù yín, iná á gba ògiri wọlẹ̀, á wá ọ̀nà padà sí tiransifọ́mà, aburú rẹ̀ á sì hàn. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń lò nílé, wọn kò so wáyà rẹ̀ kankan mọ́lẹ̀. Bí wáyà bá kan ògiri, iná ọ̀hún ò rí ọ̀nà padà, nǹkan kan ò ní hàn. Gílóòbù á tàn, fáànù á yí, bírékà á dúró gbọnyin, gbogbo ilé á ní “ó ti yè”. Wọ́n á wá yí ṣénjófà sí NẸ́PÀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, ẹni tó fẹ́ ṣí fírísà mu omi ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Fífi jẹnẹrétọ̀ dán ilé tí omi wọ̀ wò kò fi nǹkan kan hàn. (Ẹ má sì tan án sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí pé ẹrẹ̀ wà níta. Èéfín rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó pa èèyàn.)

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ló kù. Omi tó wọ ilé yín kì í ṣe omi òjò lásán. Ó ti gba ilé ìyàgbẹ́ kọjá, ó ti gba oko kọjá, ó ti fọ ààtàn dání. Bí oòrùn bá fa omi inú rẹ̀ tán, ẹrẹ̀ àti iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ á jókòó sáàárín irin sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe nígbà òjò: bí ẹ bá gbé e sínú abọ́ gbígbẹ tí ẹ ò dé e, kó tó di ọ̀la, á ti sun omi. Bákan náà ni ti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lọ́sàn-án tí oòrùn mú, á gbẹ. Lálẹ́ tí ìrì bá sẹ̀, á fa omi padà, iná á máa gba orí ẹrẹ̀ náà kọjá díẹ̀díẹ̀, á máa jó rọ́bà dúdú bí èédú, èédú náà á sì tún di ọ̀nà fún iná. Ní ti irin, á dípẹtà. Ibi tí pọ́lọ́ọ̀gì ti yẹ kó fún mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì á máa gbóná. Nínú bírékà tó mumi, ẹrẹ̀ lè di sípíríìnì inú rẹ̀, kó máa gbé iná lọ dáadáa, kó má sì lè gé nígbà tó bá yẹ kó gé.

Ní ilé kan tí wọ́n pè mí sí ní apá Ìmọ̀wọ̀, omi dé ibi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 50. Sẹ̀ǹtímítà 45 ni wọ́n gbé àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ sí, nítorí náà gbogbo wọn mumi. Bọ́ọ̀dù bírékà wà lókè, kò kàn án. Onílé yọ àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n, ó sá wọn sóòrùn ọjọ́ méjì, ó dá wọn padà, ó tan iná. Ilé dára fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko. Ní alẹ́ kẹsàn-án, òórùn rọ́bà jíjó ló jí wọn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ki fírísà sí ti yọ́ wọnú ògiri, bírékà rẹ̀ kò sì gé. Ìgbà tí mo yọ àwọn yòókù, mo rí ilà dúdú kan bí ìrìn èèrà láti irin kan sí èkejì nínú mẹ́ta lára wọn. Bí mo ti fa wáyà lókè ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wà, omi dúdú ṣàn jáde láti inú páìpù ògiri. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyẹn o, ògiri ti funfun lójú.

Páìpù yẹn ni kò sí ẹni tó ń rántí. Inú páìpù rọ́bà ni wáyà wa wà nínú búlọ́ọ̀kù. Níbi tí páìpù bá ti tẹ̀ sísàlẹ̀, omi á jókòó síbẹ̀ bí omi inú kèrègbè, oòrùn ò sì lè dé ibẹ̀. Mo fi mẹ́gà wọn wáyà náà. Mẹ́gà ni ẹ̀rọ tí a fi ń mọ̀ bóyá rọ́bà ara wáyà ṣì ń dí iná mọ́nú: ó ń fi fóòtì 500 tì í, ó sì ń sọ iye tó dènà rẹ̀. Mẹ́góòmù 1 ni ìwọ̀n tó kéré jù tí a lè gbà, ilé tó dára sì máa ń ju ìyẹn lọ fíìfíì. Wáyà iná orí àjà ilé náà ju 200 lọ, nítorí omi ò kàn án. Wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ jẹ́ 0.03. Mo ju gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì náà nù, mo fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ omi jáde nínú páìpù, mo ṣí ẹnu páìpù sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó di 0.4, mo ní kò tíì tó. Onílé bínú díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta ó di 60, mo wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Wáyà ilé ìdáná kò ju 0.2 lọ títí a fi fa tuntun sí i, rọ́bà rẹ̀ ti sán tẹ́lẹ̀ kí omi tó dé.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé ọjọ́ mélòó, mi ò ní iye ọjọ́ kan láti dá fún yín. Mẹ́gà ló ń dá ọjọ́, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Àmọ́ kò di dandan kí ẹ jókòó sókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú ilé tí wọ́n ṣe iṣẹ́ iná rẹ̀ dáadáa, bírékà iná orí àjà yàtọ̀ sí ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Oníná lè tú wáyà gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó mumi kúrò nínú bọ́ọ̀dù, kó wọn ti àjà lọ́tọ̀, bí ó bá sì yege, ẹ lè ní gílóòbù àti fáànù àjà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí kò ní mẹ́gà, tí tẹ́sítà tó jọ sukudiráfà nìkan ló mú dání, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa lọ. Tẹ́sítà yẹn lè sọ pé iná wà, kò lè sọ fún yín pé ilé ti gbẹ.

Ní báyìí tí iná ò sí yìí gan-an ni iṣẹ́ kan wà. Pé NẸ́PÀ mú iná lọ kò túmọ̀ sí pé ẹ ti pa iná. Wọ́n lè gbé e dé nígbà tí ẹ ń fọ ilẹ̀ lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ máa pariwo “Ọ̀pù NẸ́PÀ” nígbà tí iná ń wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún fún ẹrẹ̀. Bí ilẹ̀ ibi tí ṣénjófà wà bá ti gbẹ, tí omi kò kan ara rẹ̀, kí ẹni tó wọ bàtà rọ́bà, tọ́wọ́ rẹ̀ gbẹ, yí i sí àárín, níbi tí kò ti sí ti NẸ́PÀ tí kò sì sí ti jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn náà kó gbé gbogbo bírékà sílẹ̀, kí ẹ sì fa gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì yọ. Ṣùgbọ́n bí omi bá ṣì wà nílẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ pé omi dé ara ṣénjófà tàbí mítà, ẹ má sún mọ́ ọn. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kí wọ́n wá yọ wáyà yín lórí òpó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọkùnrin àdúgbò kankan fi igi fa wáyà òpó yọ fún yín.

Nígbà òjò tó ń bọ̀, ìgbà tí omi bá wọ ọgbà ni kí ẹ ti pa gbogbo rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ pálọ̀ ṣì gbẹ. Bí omi bá ti kọjá àbáwọlé, tó ń sún mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, àkókò ti kọjá nìyẹn. Ẹ kó ọmọ jáde, ẹ fi iná sílẹ̀, kí wọ́n pa á láti òpó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ní iná nínú omi tó kún gbogbo ilẹ̀ lè gbé èèyàn tó dúró sí kọ̀rọ̀ yàrá.

Ínfátà yín ló ń bà mí lẹ́rù jù, ẹ ò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ju pé ẹ ní in. Ẹ wò ó, nígbà tí NẸ́PÀ mú iná lọ ní Ọjọ́bọ̀, ínfátà ló gba iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí fóòtì 230 ti wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń rìn nínú omi. Ọlọ́run ló yọ yín. Ẹni tó ní ínfátà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé pípa NẸ́PÀ nìkan kì í pa ilé òun. Bí panẹ́ẹ̀lì oòrùn bá wà lórí òrùlé, kò sí ẹni tó lè pa á níwọ̀n ìgbà tí ojúmọ́ bá mọ́, àfi kí wọ́n já a níbi súwíìṣì tirẹ̀. Bí bátìrì bá jókòó sílẹ̀ tí omi dé e, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ti olómi ásíìdì, ásíìdì rẹ̀ lè ti dà pọ̀ mọ́ omi ilẹ̀. Ti lítíọ́mù wá burú jù, nítorí bí omi bá wọ inú rẹ̀, ó lè dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ni kó tú u, kó gbé e jáde síta gbangba, jìnnà sí ilé. Ínfátà tí omi wọ inú rẹ̀, mo kì í tún un ṣe. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì, méjèèjì padà wá bá mi.

Fírísà yín, mo mọ̀ pé owó yín wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi irin dì í pa, omi kì í sábà wọ inú rẹ̀. Ohun tó ń bàjẹ́ ni ẹnu rẹ̀ tí wáyà ti wọlé, rilé tó ń ràn án lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti téémósítáàtì tó ń ṣọ́ òtútù rẹ̀. Omi tó dé orúnkún ti bo gbogbo ìsàlẹ̀ yẹn. Kí oníṣẹ́ fírísà yọ rilé náà jù nù, kó fi tuntun sí i, kó fọ ẹnu kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kó sì gbẹ, kó wá fi mẹ́gà wọn wáyà inú rẹ̀ sí ara irin fírísà. Bí ó bá kéré sí mẹ́góòmù 1, ẹ má ki í bọ iná. Fóòmù tó wà nínú ara ògiri fírísà náà ń mumi bí kànìnkànìn. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí omi sì ń yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, yóò máa jẹ iná láìtutù, òórùn rẹ̀ ò sì ní lọ. Bí fírísà ti pẹ́, èmi ò ní náwó lé e. Ẹja tó wà nínú rẹ̀ ẹ má tà á, ẹ má sì jẹ ẹ́.

Ẹ tún wo pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oníka méjì, tàbí tí ẹ ki í sára àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì olókùn gígùn tí wọ́n ń tà ní Òkè-Ájé, ó ṣeé ṣe kí wáyà ilẹ̀ má sí níbẹ̀ rárá. Mo ti tú irú àpótí bẹ́ẹ̀ wò, ihò mẹ́ta wà lójú rẹ̀, wáyà méjì péré ló wọ inú rẹ̀. Láìsí wáyà ilẹ̀, bí iná bá jò sí ara irin fírísà, ibẹ̀ ló máa jókòó sí títí ẹni tó fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù yóò fi dì í mú.

Ìgbà tí oníná bá ti wọn gbogbo rẹ̀ tó yege, báyìí ni kí ó tan án. Kí nǹkan kan má sí lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kó kọ́kọ́ tan mééènì nìkan, kó tẹ bọ́tìnnì T bí ó bá wà, kó rí i pé ó gé. Lẹ́yìn náà kó gbé bírékà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sinmi díẹ̀ láàárín wọn. Èyí tó bá gé, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tì í sókè lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ń bá ẹni tó ń sọ òótọ́ fún un jà ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá máa ki nǹkan bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí omi ò kàn ni kó ṣáájú. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì lálaalẹ́. Bí ó bá gbóná, bí ó bá ń ta ṣáṣá, bí ó bá ń rùn bí ẹja tó jó, ẹ gbé bírékà rẹ̀ sílẹ̀ ní bọ́ọ̀dù, kì í ṣe kí ẹ fa pọ́lọ́ọ̀gì náà.

Pọ́ǹpù bohóòlù yín ló rọrùn jù. Inú omi ló ń gbé láti ilẹ̀, òjò Ọjọ́bọ̀ ò ṣe é ní nǹkan kan. Àpótí kékeré tí wọ́n fi ń tàn án lára ògiri ni kí ẹ wò. Bí omi bá dé ibẹ̀, kapasítọ̀ àti súwíìṣì inú rẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀, kò wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí i fọwọ́ kàn án lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá fa iná yọ, nítorí kapasítọ̀ máa ń pa iná mọ́ sínú. Ṣùgbọ́n bí iná bá dé tí ẹ sì fa omi, ẹ da ti ọjọ́ àkọ́kọ́ nù, bí ẹrẹ̀ bá ti bo ẹnu bohóòlù náà. Mímu rẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá ti da kilorín sí i.